Ṣẹ́ẹ̀kì lásán, ṣẹ́ẹ̀kì tí bánkì fọwọ́ sí, àti díráfùtì: bí mo ṣe san owó ilẹ̀ ní Moníyà

Lẹ́tà tí lọ́yà àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún mi kọ kò gùn rárá. Ó ní owó ilẹ̀, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ààbọ̀ náírà (₦9,500,000), gbọ́dọ̀ wá ní "sẹ́tífáìdì ṣẹ́ẹ̀kì tàbí bánkì díráfùtì", òun kò sì ní gba ṣẹ́ẹ̀kì lásán. Ilẹ̀ ogún ni, ní Moníyà n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ olóògbé ló ń tà á, kóòtù sì ti fún wọn ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún bàbá wọn.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé wọn kò kúkú ní kí n fi fóònù fi owó ránṣẹ́. Màmá tó jẹ́ àgbà nínú wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tíráńsífà sétí. Álààtì ayédèrú ni wọ́n fi kó ọjà lọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, láti ìgbà náà ló ti sọ pé ohun tí òun bá fọwọ́ mú ni òun gbà gbọ́. Kéèṣì náà kò ṣeé gbé. Òfin tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022, kò gbà kí ẹnì kan san kéèṣì tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tàbí kí ó gbà á, láì gba ọ̀dọ̀ bánkì kọjá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìwé nìyẹn.

Mo ní ìwé ṣẹ́ẹ̀kì nílé. Bí mo bá ya ewé kan nínú rẹ̀, tí mo kọ orúkọ àti iye owó, tí mo sáìnì, àṣẹ ni mo pa fún bánkì mi pé kí wọ́n san owó fún lágbájá nínú àkáǹtì mi. Àṣẹ lásán ni. Bánkì kò tíì ṣèlérí ohunkóhun fún lágbájá. Bí ó bá gbé e débẹ̀ tí owó kò sí, tàbí tí sáìnì mi kò jọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á dá a padà, èmi àti lágbájá la ó sì jọ máa fa ọ̀rọ̀ náà. Ìdí tí lọ́yà kò fi fẹ́ ẹ nìyẹn, mi ò sì bá a jà. Kò mọ̀ mí rí.

Èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́tífáìdì ṣẹ́ẹ̀kì, ewé ṣẹ́ẹ̀kì tèmi náà ni. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo sáìnì. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé mo ní láti kọ́kọ́ gbé e lọ sí bánkì mi kí n tó fi lé olówó lọ́wọ́. Wọ́n á yẹ sáìnì mi wò, wọ́n á wo owó inú àkáǹtì, wọ́n á wá yọ iye náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọwọ́ mi má baà dé ibẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ojú ṣẹ́ẹ̀kì náà, tí òṣìṣẹ́ tó láṣẹ á sì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà yẹn, bánkì ti dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Díráfùtì ní tirẹ̀ kì í ṣe ewé mi rárá. Ewé bánkì fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ mi pátápátá, owó náà á kúrò lórúkọ mi, bánkì á wá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀ fún ẹni tí mo dárúkọ. Gbèsè bánkì ni, kì í ṣe gbèsè tèmi. Ìbéèrè bóyá owó wà nínú àkáǹtì èmi Tàjùdéẹ̀nì kò tilẹ̀ yọjú. Àwọn kan ń pè é ní ṣẹ́ẹ̀kì máníjà. Láyé ìgbà tí ṣẹ́ẹ̀kì máa ń pẹ́ kó tó ti ìlú kan dé òmíràn, ṣẹ́ẹ̀kì máníjà ni ti inú ìlú, díráfùtì sì ni ti ẹ̀yìn odi. Báyìí, orúkọ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́.

Mo dé bánkì, mo ní kí wọ́n bá mi fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì mi. Obìnrin tó wà ní káńtà wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, a kì í ṣe ìyẹn níbí mọ́. Díráfùtì la máa ń ṣe fún yín." Kì í ṣe pé ó ń fi iṣẹ́ ṣọ̀lẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún òfin ṣẹ́ẹ̀kì wa, àwọn bánkì ńlá ìlú Lọ́ńdọ̀nù sì ti fẹnu kò lọ́dún 1920 pé àwọn kò ní máa fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì oníbàárà mọ́, díráfùtì ni àwọn ó máa kọ dípò rẹ̀. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ló ṣì ń rí i dáadáa. Níbẹ̀, òfin kò fi dandan mú bánkì láti fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fọwọ́ sí i, ọrùn ẹni tó kọ ọ́ ti bọ́, bánkì ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Nílé wa, gbólóhùn náà ṣì ń wà nínú lẹ́tà lọ́yà àti ìpolówó iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn tó kọ ọ́, díráfùtì ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo pe lọ́yà lórí fóònù níbẹ̀. Ó ní, "Díráfùtì ni mo fẹ́ gan-an, ẹ má da ara yín láàmú."

Orúkọ ló gba àkókò jù. Màmá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé, "Ọmọ mi, orúkọ mi ni kí o kọ sí i." Lọ́yà ní rárá o, inú àkáǹtì ogún ni kí owó wọ̀, níwọ̀n bí ilẹ̀ kì í ti í ṣe ti Màmá nìkan. Ó tọ̀nà. Ká ní orúkọ Màmá ló wà níbẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ lè sọ lọ́la pé àwọn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Mo ní kí lọ́yà fi ìwé bánkì tó gbé orúkọ àkáǹtì náà ránṣẹ́, mo sì da orúkọ náà kọ lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí orúkọ ojú díráfùtì bá yàtọ̀ sí ti àkáǹtì tí wọ́n fẹ́ san án sí, wọ́n lè dá a padà. Wọn kò sì ní fi bírò tún un ṣe. Ẹ máa gbé ojúlówó ìwé náà padà wá, ẹ ó kọ lẹ́tà, bánkì á fagi lé e, á dá owó sínú àkáǹtì yín, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Lẹ́yìn orúkọ, kò sí ìnira mọ́. Mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ owó náà nínú àkáǹtì mi, mo kọ iye rẹ̀ ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, mo kọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo sáìnì. Wọ́n yọ owó náà pẹ̀lú owó iṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; álààtì ti wọlé kí wọ́n tó tẹ ìwé jáde. Òṣìṣẹ́ méjì ló sáìnì sí i. Mo dúró ní káńtà, mo ka orúkọ, iye owó, ọjọ́ àti nọ́ńbà, mo sì ní kí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Mo bi obìnrin náà pé bí mo bá sọ ọ́ nù ń kọ́. Ó ní mi ò kàn lè pe bánkì kí n ní kí wọ́n má san án, bí mo ṣe lè ṣe fún ṣẹ́ẹ̀kì tèmi, torí kì í ṣe àṣẹ mi ló wà níbẹ̀ mọ́. Màá gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, màá búra ní kóòtù, màá sì fọwọ́ sí ìwé pé bí ẹlòmíràn bá gbé díráfùtì náà wá gbowó, èmi ni màá fara gbá a. Kí wọ́n tó dá owó padà, á ti pẹ́. Inú àpò àyà ni mo fi í sí títí mo fi dé ọ́fíìsì lọ́yà.

Inú mi dùn sí ohun tí lọ́yà ṣe. Kò fi ojú lásán gba ìwé náà. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń tẹ díráfùtì ayédèrú tó dán ju ojúlówó lọ, wọ́n á tún kọ nọ́ńbà fóònù tiwọn sójú rẹ̀, bí ẹ bá pè é, ọ̀kan nínú wọn ni yóò gbé e, tí yóò sì ní "bẹ́ẹ̀ ni, àwa la kọ ọ́." Lọ́yà rán akọ̀wé rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka bánkì tó kọ ọ́ gan-an, ó mú ẹ̀dà dání, wọ́n sì wo nọ́ńbà àti iye owó nínú ìwé wọn. Bí olùrà àti olùtà bá lè jọ pàdé ní gbọ̀ngàn bánkì, ìyẹn tún dára jù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí: díráfùtì kì í ṣe kéèṣì. Bánkì mìíràn ni àkáǹtì ogún náà wà, nítorí náà, díráfùtì mi gba inú ètò kílíárìn, èyí tí àwọn bánkì fi ń gba owó ṣẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ ara wọn, kọjá bíi ṣẹ́ẹ̀kì yòókù, ọjọ́ iṣẹ́ kejì ni owó tó yọ síbẹ̀. Ètò yìí kan náà, láti ọdún 2010, kì í gba ṣẹ́ẹ̀kì tó bá ju mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ. Ká ní mílíọ̀nù méjìlá ni wọ́n pe ilẹ̀ náà ni, tíráńsífà láti bánkì sí bánkì ni ì bá jẹ́, Màmá ì bá sì gbà láìfẹ́.

Èmi náà lo ṣẹ́ẹ̀kì lásán nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Òun ni mo fi san owó sọ̀féyọ̀, ẹni tí a ti jọ ń ṣe tipẹ́. Mo kọ ewé méjì fún un, ọ̀kan fún ọjọ́ yẹn, èkejì fún oṣù tó ń bọ̀ nígbà tí pẹ́lánì bá jáde. Mo fa ìlà méjì sójú wọn kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn gbà ní káńtà, àfi kí wọ́n san án sínú àkáǹtì. Díráfùtì kò lè ṣe èyí, torí owó ọjọ́ iwájú gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi lónìí. Mo sì fi fóònù mi sí títàn. Bánkì máa ń pe ẹni tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì láti bi í bóyá òun ló kọ ọ́, bí wọn kò bá sì rí i bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè dá ṣẹ́ẹ̀kì padà bí owó tilẹ̀ wà ńlẹ̀.

Èyí tí owó kò sí fún ni wàhálà ńlá. Òfin ọdún 1977 lórí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí sọ pé bí wọ́n bá gbé e lọ sí bánkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀, tí wọ́n sì dá a padà torí pé owó kò tó, ẹni tó kọ ọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Mi ò kọ ewé kejì títí mo fi mọ ibi tí owó rẹ̀ ti ń bọ̀.

Lọ́yà kò fún mi ní ìwé ilẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé díráfùtì fún un. Rìsíìtì ló kọ, ó fi nọ́ńbà díráfùtì, orúkọ bánkì àti ọjọ́ sínú rẹ̀, ó ní ó di ìgbà tí owó bá wọ àkáǹtì ogún. Ó pè mí nígbà tí ó wọlé. A fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ níṣojú Màmá àti àwọn àbúrò rẹ̀, mo sì so ẹ̀dà díráfùtì náà mọ́ rìsíìtì, torí nọ́ńbà tó wà lórí méjèèjì ni màá fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn tó bá ní mi ò sanwó.