Ẹ má pe àbádòfin ní òfin: àṣìṣe tí àwa akọ̀wé àdúgbò sábà máa ń ṣe

Oṣù Keje 2025 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ka àbádòfin tuntun lórí onílé àti ayálégbé lẹ́ẹ̀kejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ àdúgbò wa pé òfin tuntun ti jáde, pé éjẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé lọ mọ́. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ gba yàrá àti pálọ̀ ní ₦600,000 lọ́dún rí i, ó sì san ₦30,000 fún éjẹ́ǹtì dípò ₦60,000 tí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Éjẹ́ǹtì ò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń parí ìjà náà, èmi ni mo sì dá a sílẹ̀.

Kíkà kejì kì í ṣe òfin. Orúkọ àbá nìkan ni wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn aṣòfin á jíròrò bóyá àbá náà wúlò, wọ́n á sì gbé e fún ìgbìmọ̀ tó máa pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń yí padà: iye owó lè lọ sókè, ó lè wálẹ̀, wọ́n lè yọ abala kan dànù pátápátá. Kíkà kẹta ló kàn, lẹ́yìn náà ni gómìnà. Abala 100 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fún gómìnà ní 30 ọjọ́ láti buwọ́ lù ú. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè tún un dìbò kí ó di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Ìdá márùn-ún tí mo fi sọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn ò tíì kọjá ìdajì ọ̀nà.

Àṣìṣe kejì wà lórí ọjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lu òfin lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ààrẹ buwọ́ lu òfin owó-orí tuntun ti Nàìjíríà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026 ni ìṣirò tuntun náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà lókè ìwé òfin tàbí ní ìparí rẹ̀. Òun ni kí ẹ wá. Bí ó bá jẹ́ àbá ṣì ni, ẹ kọ ọ́ gbangba pé kò tíì sí ọjọ́.

Èyí tó le jù ni ti àwọn tí òfin kàn. Ẹ wo Òfin Ayálégbé Èkó ti 2011, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ṣì ń kọ ọ́ pé “gbogbo Èkó” ló kàn. Rárá o: òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ó tún yọ ilé tí iléèwé ń fi òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí, àti ilé ìwòsàn.

Àwọn mìíràn á kọ ọ́ pé onílé “ò gbọdọ̀ gba ju ọdún kan”, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ayálégbé tó ti ń gbé ilé, tó sì ń san owó lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà ni ìwọ̀n tirẹ̀. Ọdún kan jẹ́ ti ẹni tó ń san lọ́dọọdún, àti ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ohun tó máa ń ya ìpàdé wa lẹ́nu jù ni pé òfin náà ò mú onílé nìkan. Ẹni tó bá san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà jẹ̀bi bíi ẹni tó gbà á: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ayálégbé tó ń fi owó ọdún méjì lọ onílé kó lè rí ilé gbà kíákíá kò mọ̀ pé òun náà wà nínú rẹ̀, torí akọ̀wé kọ “onílé” nìkan.

Ohun tí mo padà kọ sórí Wásáàpù nìyí: “Àbádòfin ni, wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Keje 2025. Kò tíì ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Òfin 2011 la ṣì ń lò: ó kan onílé, éjẹ́ǹtì àti ayálégbé, àyàfi ní Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Àdéhùn tí ẹ ti ṣe pẹ̀lú éjẹ́ǹtì dúró bó ṣe wà.”

Alága wa ní kí n yọ orúkọ àdúgbò mẹ́rin yẹn, pé a kì í gbé Ìkòyí. Mo rán wọn létí pé mẹ́ta nínú àwọn onílé wa ní ilé mìíràn ní GRA Ìkẹjà.