Bí mo ṣe ń fi láptọ́ọ̀pù kan àti fóònù kan kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí Google Meet

Ẹ̀kọ́ àfikún ìṣirò ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àṣejáde girama. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà fọ́n káàkiri: àwọn kan wà ní Ọ̀yọ́, àwọn kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó wà ní Ìbàdàn níbí gan-an ń ro owó ọkọ̀ kí wọ́n tó jáde. WhatsApp la kọ́kọ́ ń lò, torí pé kò sí òbí tí kò ní in lórí fóònù rẹ̀. Ó ń bá wa ṣe é dáadáa títí àwọn ọmọ fi lé ní ọgbọ̀n.

Ìpè fídíò WhatsApp kì í gbà ju ènìyàn 32 lọ. Ó ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣá o. Ní 2018, ènìyàn 4 péré ló ń gbà. Wọ́n sọ ọ́ di 8 ní 2020, wọ́n wá gbé e dé 32 ní 2022. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé olùkọ́ náà wà nínú 32 yẹn, nítorí náà ọmọ 31 ni àyè wà fún. Fóònù ló sì ń kà, kì í ka orí. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá jókòó ti fóònù kan, ẹni kan ni wọ́n. Mo kọ́kọ́ fi ìyẹn gbọ́n ọn, mo ní kí àwọn tó bá jọ ń gbé àdúgbò kan máa pàdé nílé ẹnì kan. Ìṣòro tí kò jẹ́ kó tọ́jọ́ ni ti nẹ́tíwọ̀kì. Bí ìpè bá ti kún, tí nẹ́tíwọ̀kì ọmọ kan bá já, ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà á wọlé lójú ẹsẹ̀, ẹni tó já á wá padà dé, á bá a pé àyè ti tán. Ọmọ tí nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò rẹ̀ kò dára, tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, òun ló ń pàdánù ẹ̀kọ́ nígbà gbogbo. Èyí dùn mí gan-an, òun ló sì jẹ́ kí n wá ibòmíràn.

Zoom ọ̀fẹ́ ń gba 100 ènìyàn, ṣùgbọ́n bó bá ti di ìṣẹ́jú 40, ìpè á parí. Google Meet ọ̀fẹ́ náà ń gba 100, òun sì ń fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú 60. Fún ìṣirò, ogún ìṣẹ́jú tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré: ìbéèrè ńlá méjì ni mo lè bá wọn ṣe parí nínú rẹ̀. Meet ni mo mú.

Ètò rẹ̀ kò le rárá. Lórí láptọ́ọ̀pù, mo lọ sí meet.google.com, mo tẹ "New meeting", mo yan "Create a meeting for later". Ó fún mi ní líǹkì tí lẹ́tà mẹ́wàá wà lópin rẹ̀, tí a pín sí mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta. Líǹkì yẹn ni mo fi sínú gúrúùpù WhatsApp wa, mo sì ní kí kálukú wọlé pẹ̀lú orúkọ tí mo mọ̀ ọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, orúkọ wọn á yọ sí mi, mo sì lè gbà wọ́n wọlé tàbí kí n má gbà wọ́n. Ẹni tí n kò bá mọ̀, n kì í ṣílẹ̀kùn fún un. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀.

Nǹkan méjì ni kíláàsì ìṣirò nílò láti rí: ìwé ìbéèrè, àti ọwọ́ olùkọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé. Ojú mi kò kan iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí mo bá ti kí wọn tán. Láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń fi ìwé ìbéèrè hàn, fóònù ni mo sì fi ń fi ọwọ́ hàn.

Ti ìwé ìbéèrè ni kí n kọ́kọ́ sọ. Bí mo bá tẹ "Share screen" lórí láptọ́ọ̀pù, ó máa ń béèrè ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí: ojú ewé kan nínú bráwúsà, fèrèsé kan, tàbí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. N kì í yan gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Mo máa ń ṣí ìwé ìbéèrè náà sínú bráwúsà, kí n wá yan ojú ewé yẹn nìkan. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó máa rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ṣe é, ẹ ṣọ́ra níbí gan-an, torí pé gbogbo ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fi hàn. Bí alaati bá wọlé láti báńkì lásìkò yẹn, iye tó kù nínú àpò yín á hàn sí gbogbo kíláàsì àti àwọn òbí tó jókòó ti ọmọ wọn. Kí ẹ tó tẹ "Share screen" lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ tan "Do Not Disturb", kí ẹ sì ti gbogbo nǹkan mìíràn tó ṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rántí pé fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń wò yín. Ojú ìwé odindi tó hàn kedere lórí láptọ́ọ̀pù á rí bí èèrà lójú wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń sún mọ́ títí á fi gba gbogbo ojú ewé, mo sì máa ń yí fóònù mi wò kí n rí ohun tí àwọn náà ń rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ó wá ku ọwọ́. Mo máa ń fi fóònù wọ inú ìpè kan náà pẹ̀lú líǹkì kan náà. Meet á kà á bí ẹlòmíràn, nítorí náà èmi nìkan gba àyè méjì nínú 100, èyí kò sì ni wá lára. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù kì í gbé yàrá kan náà láìsí ariwo: ohùn tó bá jáde lára ọ̀kan, maikiroofóònù èkejì á gbé e padà, ni yóò bá di ìró tó ń tún ara rẹ̀ sọ, tó ń le sí i. Pípa maikiroofóònù fóònù nìkan kò tó, nítorí pé ohùn àwọn ọmọ ṣì ń jáde lára sípíkà rẹ̀, láptọ́ọ̀pù sì ń gbọ́. Àwọn fóònù kan kì í jẹ́ kí ohùn ìpè lọ sílẹ̀ pátápátá bó ti wù kí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì tó. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ki íápíìsì bọ fóònù, mo sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì láìfi sétí. Gbogbo ohùn gba inú íápíìsì lọ, yàrá sì dákẹ́.

Bí fóònù bá ti wọlé, kámẹ́rà iwájú ló máa ń ṣí. Mo tẹ àmì kámẹ́rà tó ní ọfà méjì tó ń yí po, ó bọ́ sí ti ẹ̀yìn. Ìdí méjì ni mo fi ń yí i. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ń ríran kedere ju ti iwájú lọ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ó sì lè sún mọ́ ìwé kó tún rí lẹ́tà. Èkejì ni pé kámẹ́rà iwájú máa ń fi ara ẹni han ara ẹni bíi dígí. Bí ẹ bá kọ nǹkan síwájú rẹ̀, ó máa yí padà lójú tiyín, ṣùgbọ́n ó tọ́ lójú àwọn tó ń wò yín. Mo mọ olùkọ́ kan tó pa kíláàsì rẹ̀ dé ní àárín nítorí pé ó rò pé àwọn ọmọ ń ka ìṣirò láti òpin sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń rí i bó ṣe yẹ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Mo to ìwé ńláńlá jọ sí ọwọ́ òsì, mo fi rúlà onígi gígùn kan lé e lórí, mo so fóònù mọ́ rúlà náà kí kámẹ́rà rẹ̀ yọ síta, kó dojú kọ ìwé. Fóònù tó bá dojú bolẹ̀ kì í mọ ibi tó jẹ́ òkè, àwòrán á máa yí kiri fúnra rẹ̀. Nítorí náà mo máa ń gbé e dúró ní ìbú kó kọ́kọ́ mọ̀, mo ti "Auto-rotate" pa, kí n tó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bó bá ti òkè wá, òjìji fóònù á bo ibi tí mo ń kọ.

Máákà ni mo fi ń kọ, n kì í lo báírò, mo sì ń kọ ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré sí ojú ìwé kan. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí a ṣe láìpẹ́ yìí:

```
x² − 7x + 12 = 0
(x − 3)(x − 4) = 0
x = 3 tàbí x = 4
```

Bí mo ṣe kọ ìlà kejì tán tí mo ń ṣàlàyé ìdí tí a fi mú 3 àti 4, ọmọbìnrin kan láti Ọ̀yọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé 3 ni ẹ kọ síbẹ̀ yẹn àbí 8?" Ọwọ́ mi ló fà á. Bí ọwọ́ bá ń kọjá lábẹ́ kámẹ́rà, kámẹ́rà á fi ìwé sílẹ̀, á máa wá ọwọ́, lẹ́tà á sì ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti parí ìlà kan, mo yọ ọwọ́ kúrò pátápátá, mo dúró díẹ̀, mo sì pe ọmọ kan kó ka ìlà náà sí wa létí. Bó bá kà á bó ṣe yẹ, a tẹ̀ síwájú. Bí àṣìkà bá wà, mo mọ̀ pé kámẹ́rà ni, kì í ṣe ìṣirò.

Mo tún máa ń ní kí wọ́n tẹ àwòrán ọwọ́ mi, kí wọ́n yan "Pin", kó lè gba gbogbo ojú fóònù wọn. Kí gbogbo ọmọ sì pa kámẹ́rà tiwọn. Àwọn òbí kan rò pé dátà ọmọ tó bá pa á nìkan ló ń dín kù. Ẹni tó pa kámẹ́rà rẹ̀ ti dín ohun tó ń fi ránṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n fídíò àwọn tó ṣì tan tiwọn ṣì ń wọlé sí i. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ pa á kí dátà kálukú tó rọrùn.

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wákàtí pé, Meet á kéde fún gbogbo wa. N kì í bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tuntun mọ́ nígbà náà. Bí iṣẹ́ bá ṣẹ́ kù, a máa ń jáde, a tún wọlé pẹ̀lú líǹkì kan náà, kí á lo wákàtí mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ya fọ́tò àwọn ojú ìwé tí mo kọ, mo fi wọ́n sínú gúrúùpù WhatsApp ní tẹ̀léńtẹ̀lé, pẹ̀lú nọ́ńbà ìbéèrè lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tí iná tàbí nẹ́tíwọ̀kì kò jẹ́ kí wọ́n bá wa jókòó.