Àkọsílẹ̀ Oníbàárà Tí Wọ́n Fi Sí Ìkáwọ́ Yín: Ohun Tí Ìwé Àdéhùn Ń Béèrè

Ká ní ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí Ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà. Aládìẹ kan tó ń ta ọmọ adìẹ ní kí ẹ máa bá òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà òun, kí wọ́n má baà gbàgbé ọjọ́ àjẹsára. Oníbàárà 180 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe tiyín; iṣẹ́ lẹ ń bá a fi ṣe. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 láti dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni ní kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àdéhùn ẹnu kò tó.

Ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ wọlé

Òpó márùn-ún ló wà nínú fáìlì rẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ tí wọ́n ra ọmọ adìẹ, àdúgbò oko, àti gbèsè tó kù. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni iṣẹ́ yín nílò. Ẹ ní kí ó yọ méjì tó kù kúrò kó tó fi fáìlì ránṣẹ́. Ilẹ̀ òṣómàáló ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí gbèsè ẹnìkan bá di ọ̀rọ̀ ìta.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á tẹ `Hide` nínú Excel, wọ́n á rò pé òpó gbèsè ti lọ. Kò lọ rárá. Ó kàn fara pamọ́ ni, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ `Unhide` á rí i. Ẹ wo àwọn lẹ́tà tó wà lókè ojú ìwé náà: bí A, B, C bá fò sí F, òpó D àti E wà níbẹ̀ síbẹ̀. `Delete` ló ń yọ ọ́. Bí fáìlì bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà, kí ẹ sì pa tọwọ́ yín rẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ

Ohun tí ìwé àdéhùn bá dárúkọ nìkan ni kí ẹ fi àkọsílẹ̀ náà ṣe. Bí ọ̀rẹ́ yín tó ń ta oúnjẹ adìẹ bá bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun polówó fún àwọn 180 yẹn, ẹ má gbà. Ìpolówó ṣọ́ọ̀bù tiyín náà kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ yàn fún iṣẹ́ náà nìkan ni kó mọ páásíwọ́ọ̀dù fáìlì.

Ìkànnì tí ẹ ń lò láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti di ẹnì kẹta nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí nọ́ńbà tí ẹ bá kó sórí rẹ̀ á máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ sọ orúkọ ìkànnì náà fún aládìẹ, kí ẹ sì gba àṣẹ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́nù

Wọ́n jí fóònù ọmọ iṣẹ́ yín ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, fáìlì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má dúró wò bóyá wọ́n á rí i. Ẹ pe aládìẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú: ohun tó sọnù, iye èèyàn tó kàn, òpó tó wà nínú rẹ̀, bóyá fóònù náà ní títì. Bí ọ̀ràn náà bá lè kó ìpalára bá àwọn oníbàárà, bíi kí gbájúẹ̀ máa pè wọ́n ní orúkọ aládìẹ láti gba owó, aládìẹ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin náà, NDPC, létí láàárín wákàtí 72 tó gbọ́. Bó bá gbọ́ ní aago méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló parí. Bí ewu náà bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà fúnra wọn kíákíá, ní èdè tó yé wọn.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí

Ìwé àdéhùn tó péye á sọ pé kí ẹ dá àkọsílẹ̀ padà tàbí kí ẹ pa á rẹ́, á sì dá ọjọ́ fún un. Pípa fáìlì kan rẹ́ kò tíì parí iṣẹ́, torí ẹ̀dà rẹ̀ máa ń pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wo `Downloads`, kí ẹ tú `Recycle Bin` dànù, kí ẹ wo fláàṣì, ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde, àti ìkànnì àtẹ̀jíṣẹ́. Lórí WhatsApp, pípa ọ̀rọ̀ tó gbé fáìlì wá rẹ́ lè má mú ẹ̀dà tó ti wọ inú fóònù kúrò. Ẹ wá a nínú àpò `WhatsApp Documents`, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ọmọ iṣẹ́ náà. Rìsíìtì owó iṣẹ́ yín lè wà nílẹ̀, torí orúkọ aládìẹ nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pa á rẹ́ àti ibi tí ẹ ti pa á rẹ́ sórí ìwé kan, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ fún aládìẹ ní ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú ìkejì.