Táìmùtébù inú ìpínrọ̀ kọ̀ láti bọ́ sínú àtẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Wọ́n kọ táìmùtébù kíláàsì wa ní ìpínrọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di àtẹ ọjọ́ àti píríọ́dù. Aago 8:00 la máa ń wọlé, a sì máa ń jáde ní 12:20. Ogójì ìṣẹ́jú ni píríọ́dù kọ̀ọ̀kan, ìsinmi sì wà láti 10:00 sí 10:20. Lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ méjì já lu ara wọn nínú píríọ́dù kẹrin, bẹ́ẹ̀ ìkẹfà ṣófo. Ìṣẹ́gun náà rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú ní tiẹ̀ kún, kò síbi tí Ìwé Kíkà máa wọ̀. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

> Lọ́jọ́ Ajé, Ìṣirò la ó fi bẹ̀rẹ̀ títí di 9:20, Èdè ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìsinmi, Sáyẹ́ǹsì àti Ìtàn. Ìṣẹ́gun rí bí Ọjọ́ Ajé, àmọ́ Àwòrán gba ipò Ìtàn. Lọ́jọ́rú, Ìtàn, Èdè àti Ìṣirò wà ṣáájú ìsinmi. Lẹ́yìn ìsinmi, Sáyẹ́ǹsì gba píríọ́dù méjì, Àwòrán ló kẹ́yìn… Ìwé Kíkà máa ń wà lójoojúmọ́ ní kété tí ìsinmi bá parí, àyàfi Ọjọ́bọ̀.

Ìdáhùn: Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ rú. Ìsàlẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló ń pàṣẹ lé lórí. Ẹni tó bá ń to àtẹ bó ṣe ń kà á lọ á ti fi iṣẹ́ mìíràn síbi tí Ìwé Kíkà yẹ kó wà kó tó débẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka gbogbo ìwé náà tán ná, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá ní «lójoojúmọ́», «àyàfi» tàbí «rí bí». Àwọn wọ̀nyí lẹ máa kọ́kọ́ yanjú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó dúró gbọn-in àti ohun tó ṣeé sún. «Ní kété tí ìsinmi bá parí» kò ṣeé sún: 10:20 ni, píríọ́dù kẹrin nìyẹn. «Lẹ́yìn ìsinmi» lásán kò sọ aago kankan. Ohun tó sọ kò ju pé Sáyẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ ṣáájú ìsinmi, kí Ìtàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé Kíkà gba ìkẹrin, Sáyẹ́ǹsì sún sí ìkarùn-ún, Ìtàn bọ́ sí ìkẹfà. Ẹ ó rí i pé ìjálura àti àpótí òfìfo náà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjèèjì bá ti wà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnì kan jókòó sí àyè ẹlòmíràn ni. Ẹ má ṣe ẹ̀dà Ọjọ́ Ajé sí Ìṣẹ́gun títí Ọjọ́ Ajé fi máa tọ́, torí àṣìṣe rẹ̀ á bá a lọ.

Ti Ọjọ́rú yàtọ̀ pátápátá. Ẹ kà á: lẹ́yìn ìsinmi, Ìwé Kíkà gba ọ̀kan, Sáyẹ́ǹsì gba méjì, Àwòrán gba ọ̀kan. Mẹ́rin nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín 10:20 sí 12:20. Kò sí bí ẹ ṣe lè tò ó tó máa gbà. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ní àbùkù, àtẹ kàn tú u síta ni. Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ bóyá òótọ́ ni Sáyẹ́ǹsì gba méjì, tàbí ṣé ó yẹ kí «àyàfi» kan Ọjọ́rú pẹ̀lú. Kí ìdáhùn tó dé, ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀. Èmi ò ní yọ Ìwé Kíkà kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nítorí kí àtẹ lè dán. Bó bá ti dán, kò sẹ́ni tó máa tún béèrè.

| Ọjọ́ | 1 | 2 | 3 | 4 | 5 | 6 |
|---|---|---|---|---|---|---|
| Ajé | Ìṣirò | Ìṣirò | Èdè | Ìwé Kíkà | Sáyẹ́ǹsì | Ìtàn |
| Ìṣẹ́gun | Ìṣirò | Ìṣirò | Èdè | Ìwé Kíkà | Sáyẹ́ǹsì | Àwòrán |
| Ọjọ́rú | Ìtàn | Èdè | Ìṣirò | ? | ? | ? |

Ìbéèrè: Mo ti kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀ nínú Google Sheets: ọjọ́ ní òpó A, píríọ́dù ní B, iṣẹ́ ní C. Fọ́múlà ló ń kó wọn sínú àtẹ. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ṣófo látòkèdélẹ̀, Ìṣirò Ọjọ́ Ajé náà ò sì jáde. Fọ́múlà náà rèé:

```
=IFERROR(TEXTJOIN(" / ";TRUE;FILTER($C$2:$C$31;($A$2:$A$31=$F2)*($B$2:$B$31=G$1)));"")
```

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe fọ́múlà yẹn, mo sì fẹ́ràn bó ṣe ń fi « / » sáàárín iṣẹ́ méjì tó bá já lu ara wọn, torí ojú á tètè rí i. (Nínú fáìlì tí ètò orílẹ̀-èdè rẹ̀ yàtọ̀, kọ́mà ló máa ń gba ipò `;`.) Ohun tí ẹ tẹ̀ sínú ìlà ni kẹ́ ẹ wò.

Ó dà bíi pé ẹ tẹ `1-2` fún Ìṣirò torí pé ó gba píríọ́dù méjì. Sheets lè sọ ìyẹn di ọjọ́ inú oṣù, kódà bí kò bá sọ ọ́ dà, kò bá 1 mu, kò sì bá 2 mu. Ìlà méjì ni kẹ́ ẹ fún un, ọ̀kan fún 1, ọ̀kan fún 2.

Ní ti Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ṣeé tẹ̀ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù kan lè fi àmì ohùn lé ọ, òmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ ó. Ojú á rí ohun kan náà, kọ̀ǹpútà á sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, kí ẹ fi àpótí tiyín rọ́pò tèmi:

```
=EXACT(A20;F5)
```

Bó bá sọ `FALSE`, ẹ da orúkọ ọjọ́ inú àtẹ kọ, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìlà Ọjọ́bọ̀, kí ẹ má tún un tẹ̀. Àlàfo tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà máa ń fa irú rẹ̀, ọ̀nà kan náà ló sì ń wò ó sàn.

Ìbéèrè: Ṣé kí n so àpótí méjì Ìṣirò pọ̀ di ẹyọ kan?

Ìdáhùn: Nínú ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sórí pépà nìkan. Àpótí tí a so pọ̀ kì í pa ju ohun tó wà ní àkọ́kọ́ wọn mọ́, ìyókù á sọnù.

Ìbéèrè: Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìwé Kíkà máa ń gùn di 11:20, Sáyẹ́ǹsì á wá gba 11:20 sí 12:20. Kò bá píríọ́dù kankan mu.

Ìdáhùn: Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè la òpó karùn-ún sí méjì, 11:00 sí 11:20 àti 11:20 sí 11:40, àmọ́ gbogbo ọjọ́ yòókù á máa ru òpó tí wọn ò nílò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò ní là á. Ìwé Kíkà ni màá fi sí ìkẹrin, Sáyẹ́ǹsì sí ìkarùn-ún àti ìkẹfà, màá sì kọ aago sínú àpótí gan-an: «Ìwé Kíkà, di 11:20», «Sáyẹ́ǹsì, láti 11:20». Bí irú rẹ̀ bá ti tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ la òpó náà.