Ẹ má túmọ̀ àkọsílẹ̀ ẹnjiníà ní ìlà-ìlà fún oníbàárà

Áàpù tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ ọjà tí wọ́n bá tà sílẹ̀ ni a ń ṣe ní ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun fẹ́ jáde, ohun tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ránṣẹ́ sí mi nìyí, pé kí n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí oníbàárà lè kà:

```
- bump minSdk 21 -> 24
- drop auth v1 on server (30 Sept)
- fix: NPE in sync when customer_id is null
- refactor ledger module
```

Mo mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo túmọ̀ rẹ̀: "A ti gbé Andirọ́ọ̀dù tó kéré jù lọ sí 24. A ti yọ ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ kúrò. A ti tún àṣìṣe kan ṣe. A ti tún ibi ìwé owó tò." Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí oníbàárà kan tó máa kà á tó máa mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. 24 yẹn gan-an, àwọn ẹnjiníà nìkan ló ń kà á bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù, Andirọ́ọ̀dù 7 ni wọ́n ń pè é. 21 sì ni Andirọ́ọ̀dù 5.

Ìyá kan tó ń ta obì ní Sábó, ní Ṣàgámù, ló là mí lójú ní ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e.

"Ọmọ mi, áàpù yín ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta o. Orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ mí lówó wà nínú ẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé ẹ ti gba ẹ̀dà tuntun?"

"Mo wá a títí. Wọn ò fún mi."

Wọn ò lè fún wọn lóòótọ́, Andirọ́ọ̀dù 6 ni fóònù wọn. Ìlà kìíní nìkan kò lè pa wọ́n lára: fóònù àtijọ́ á kàn máa bá ẹ̀dà àtijọ́ lọ ni. Ìlà kejì nìkan náà kò burú: ẹni tó bá ti gba ẹ̀dà tuntun á wọlé. Ìgbà tí méjèèjì pàdé ni wàhálà dé, torí fóònù yẹn kò lè gba ẹ̀dà tuntun, sáfà kò sì gba ẹ̀dà àtijọ́ wọlé mọ́. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ní ìlà-ìlà kò lè rí i. Láti ọjọ́ náà, mi ò bi ẹnjiníà pé kí ni ìlà kan túmọ̀ sí mọ́. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé, "Ta ló ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ní lè ṣiṣẹ́ lọ́la?"

Àṣìṣe kejì ni pé mo gba ọ̀rọ̀ náà "fix" gbọ́. Mo rò pé bí wọ́n bá ti tún nǹkan ṣe, ó tán. Ohun tó bàjẹ́ ni pé ọjà tí èèyàn bá tà láìkọ orúkọ ẹni tó rà á kò lọ sí sáfà. Orí fóònù nìkan ló jókòó sí. Ẹni tó bá gba ẹ̀dà tuntun, gbogbo ọjà yẹn á ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá á sì fò sókè. Ọ̀gá tó bá ti bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣírò owó parí lè torí ẹ̀ pè é lólè. Ti àwọn tí fóònù wọn ti gbó tún wá le jù: bí wọ́n bá yọ áàpù kúrò kí wọ́n lè tún un gbé wọlé, àwọn ọjà yẹn ti lọ nìyẹn. Ọmọ-ọmọ ìyá náà ti fẹ́ yọ ọ́ kí wọ́n tó pè mí. A bẹ àwọn ẹnjiníà, wọ́n ṣí ọ̀nà àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyá sì ń kọ orúkọ sí ọjà kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ bá ti wọlé báyìí, ó ń lọ.

Ìlà kẹrin, ẹ pa á rẹ́. Oníbàárà kò ní rí ohunkóhun níbẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí n ti kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Bí fóònù yín bá jẹ́ Andirọ́ọ̀dù 6 tàbí 5, ẹ ò ní lè wọ áàpù lórí rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́, 29 Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ wò ó ní `Settings`, `About phone`, `Android version`. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ orúkọ sí gbogbo ọjà tí kò tíì lọ, ẹ dúró kí gbogbo rẹ̀ lọ tán, kí ẹ tó wọlé lórí fóònù mìíràn. Ẹ má yọ áàpù kúrò.

Bó bá jẹ́ Andirọ́ọ̀dù 7 sókè, ẹ gba ẹ̀dà tuntun kí ọjọ́ náà tó pé. Àròpọ̀ ọjà àtẹ̀yìnwá lè pọ̀ sí i, torí àwọn tí ẹ tà láìkọ orúkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni."

Ẹ rí i pé mi ò kọ "agogo méjìlá òru ọjọ́ 30". Ìdajì èèyàn á rò pé òru tó máa mọ́ ọjọ́ náà ni, ìdajì á rò pé òru tó tẹ̀ lé e. Bí ọjọ́ náà bá sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, ẹ bẹ àwọn ẹnjiníà kí wọ́n sún un síwájú. Ta ni Ìjẹ̀bú tó máa gbé agbádá wọ̀ tán tó máa wá máa wo Andirọ́ọ̀dù mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?