Bí Mo Ṣe Fi Bóráàsì àti Ìlà Tààrà Kan Wá ΔH° àti ΔS°

Ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ mọ ΔH°, ìyẹn iye ooru tí bóráàsì ń gbà mọ́ra nígbà tó bá ń yòrò nínú omi, láìfi ohun èlò kankan wọn ooru náà fúnra rẹ̀. Ohun tí mo gbára lé ni ìlànà van 't Hoff, tó so K, ìyẹn iye tó ń fi bí bóráàsì ṣe ń yòrò tó hàn, mọ́ T, ìyẹn ìwọ̀n ìgbóná lórí òṣùwọ̀n Kẹ́lífìnì. ΔS° ni ìyípadà nínú ìdàrúdàpọ̀ àwọn èròjà náà, R sì ni iye gáàsì tí kì í yí padà, 8.314 J/(mol·K):

```
ln K = −ΔH°/(R·T) + ΔS°/R
```

Mo da bóráàsì sínú omi títí díẹ̀ fi ṣẹ́kù nísàlẹ̀ láìyòrò, torí pé bí kò bá sí èyí tó ṣẹ́kù, a kò lè mọ̀ bóyá omi náà ti gba gbogbo èyí tó lè gbà. Mo ṣe é ní 25, 30, 35, 40 àti 45 °C. Yìnyín ni mo fi dé 25 °C, nítorí pé ọ̀sán Àkúrẹ́ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, mo fi pípẹ́ẹ̀tì fa 5 mL omi tó tòrò, mo sì ń kán ásíìdì HCl 0.50 mol/L sí i títí àwọ̀ búlúù èròjà atọ́ka inú rẹ̀ fi di yẹ́lò. Bóráàsì kan ń gba ásíìdì méjì, nítorí náà 3.10 mL ní 25 °C túmọ̀ sí pé s, ìyẹn ìwọ̀n bóráàsì tó yòrò nínú lítà kan, jẹ́ 0.155 mol/L. Níwọ̀n bí bóráàsì kan ti ń tú ká di sódíọ̀mù méjì àti bórétì kan, K = 4s³, èyí tó fún mi ní 0.0149, tí ln K sì jẹ́ −4.21.

Ní 45 °C ni wàhálà dé. Ásíìdì 6.9 mL péré ni mo lò, àmì rẹ̀ lórí àwòrán ln K àti 1/T sì bọ́ sábẹ́ ìlà tí àwọn mẹ́rin yòókù tò sí geerege. Nígbà tí mo wo ẹnu pípẹ́ẹ̀tì dáadáa, mo rí hóró funfun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn: omi náà ti tutù nínú rẹ̀, bóráàsì sì ti dì padà kí n tó tú u jáde. Mo kọ́kọ́ ri pípẹ́ẹ̀tì sínú omi gbígbóná, mo tún un ṣe, mo sì rí 8.00 mL, tí ln K rẹ̀ jẹ́ −1.36. Ká ní ti àkọ́kọ́ ni mo lò, ΔH° ìbá wálẹ̀ sí nǹkan bí 98 kJ/mol.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà, nígbà tí mo fi ln K sí òró, tí mo sì fi 1/T sí ìbú, jẹ́ −13,490 K. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú −8.314, ó fún mi ní 112 kJ/mol. Iye náà kò ní àmì ìyọkúrò, ó sì bá a mu pé ooru ni yíyòrò náà ń gbà. Ibi tí ìlà náà ti máa gé òró ni 41.0, èyí tó mú ΔS° jẹ́ 341 J/(mol·K).

ΔS° yìí ni mo ṣọ́ra fún jù. Gbogbo àmì mi wà láàárín 0.00314 àti 0.00335 lórí ìbú, ibi tí 1/T ti jẹ́ òdo sì jìnnà réré sí wọn. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá fi 300 péré yẹ̀, ΔS° á yẹ̀ ní nǹkan bí 8 J/(mol·K). Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣírò rẹ̀ dípò kí n fi rúlà fa ìlà náà gùn. Bákan náà, ìwọ̀n iyọ̀ inú omi ni mo fi ṣírò K, bẹ́ẹ̀ omi tó ki bí èyí kì í hùwà bí omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, nítorí náà iye tó sún mọ́ òótọ́ ni mo kà á sí.