Bí ẹ ṣe máa kọ ìwé ẹ̀sùn sí kúríà tó bá ẹrù yín jẹ́

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó wọn, kì í ṣe inú lẹ́tà. Ọmọ dísípáàṣì á máa kánjú, á ní "Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ sáìn, ibi mẹ́fà ni mo ṣì ń lọ", ẹ̀yin náà á sáìn. Ìwé yẹn sì lè sọ pé ẹrù dé láìlábùkù, òun ni wọ́n máa gbé jáde tí ẹ bá pariwo.

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò páálí yípo, kẹ́ ẹ wá tan fídíò láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ń la sẹ́lótéèpù títí ọjà á fi jáde, ẹ má pa á láàárín, nọ́ńbà wébíìlì gbọ́dọ̀ hàn. Tí ọmọ dísípáàṣì ò bá lè dúró, ẹ fi bíró kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti sáìn pé "páálí ti wó, mi ò tíì yẹ inú ẹ̀ wò". Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti sáìn, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da páálí àti fóòmù tí wọ́n fi dì í nù o! "Ẹni tó tà á ni ò dì í dáadáa" lohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ.

Bíléńdà tèmi, jọ́ọ̀gì ẹ̀ ló fọ́. Òyìnbó ni mo fi kọ í-meèlì, torí Wásáàpù kì í pẹ́ sọnù lọ́wọ́ wọn, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju èyí lọ: nọ́ńbà wébíìlì, wọ́n gbé e n'Ìkẹjà 4 Mach, ó dé Ìbàdàn 7 Mach, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, igun páálí kan ti wọlé, jọ́ọ̀gì là sí méjì, fọ́tò márùn-ún, fídíò kan àti rìsíìtì wà lábẹ́ ẹ̀. Mo wá béèrè ₦18,000 owó jọ́ọ̀gì àti ₦5,500 owó kúríà, àpapọ̀ ₦23,500, kó wọ àkáùntì mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje.

Ẹ rí i pé mi ò béèrè owó odindi bíléńdà, mọ́tò ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi "owó ìyà tó jẹ mí" ₦200,000 kún un ń fún wọn láyè láti má dáhùn ni. Ẹ ka ẹ̀yìn wébíìlì náà, iye tí wọ́n ní àwọn ò lè san kọjá lè wà níbẹ̀, pàápàá tẹ́ ò bá kọ iye ọjà sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹrù tó bá wọ bàálù láti òkè òkun, ọjọ́ 14 péré ni àdéhùn àgbáyé Montreal ti 1999 fún yín láti fi ẹ̀sùn ìbàjẹ́ sùn, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á, kíkọ sílẹ̀ sì ni.

Tí ọjọ́ iṣẹ́ méje bá pé tí kúríà ò dáhùn, ẹ kó í-meèlì yẹn àti gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà.